Ìyà Kékeré Tí Kì Í Yẹ̀

Rùkáyà fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ há abẹ́ apá òsì, ó mú igi tí wọ́n fi ẹfun kùn lórí dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka kòtò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ lù. Àwọn awakùsà ti ń fọ ẹsẹ̀ létí odò, wọ́n ń múra àtilọ sílé. Ibi tó bá ti rí kòtò tí wọ́n fi pákó bò, yóò fa ìlà sínú ìwé. Ibi tó bá ti rí èyí tó la ẹnu sílẹ̀, yóò ti igi náà bọ inú rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe jìn tó, yóò sì kọ òdo sílẹ̀. Nígbà tó fi yí oko náà ká tán, ó ti ka ọgọ́ta kòtò. Mọ́kànléláàádọ́ta nínú wọn la ẹnu sílẹ̀.

Ibi ìwa-góòlù náà wà lẹ́yìn Itagunmodi, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láàárín oko kòkó àti odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe kan ló ń wà á, kòtò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Òfin ẹgbẹ́ kò ṣòro láti lóye: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí oníkòtò gbé pákó bo kòtò rẹ̀, nítorí ọ̀nà oko gba àárín ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan tó ń jẹ́ Ọláfúnkẹ́ ń lọ sí oko kòkó rẹ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ó sì já sínú kòtò kan. Ẹ̀mí rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ kán. Ọ̀rọ̀ náà dé Òṣogbo, dé ọ́fíìsì tó ń mójú tó ààbò níbi ìwakùsà, níbi tí Rùkáyà ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn, kò fepo bọyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Rùkáyà ló bẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ ìwé ìyọ̀ǹda ààbò wọn ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé ọgọ́rin ilé ló ń ti ibẹ̀ jẹun. Bí wọ́n bá tì í, àwọn ènìyàn náà yóò wọ inú igbó lọ máa wà á ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí kòtò wọn kà. Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, òun fúnra òun yóò wá ní ìrọ̀lẹ́ láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Bí kòtò tó ṣí sílẹ̀ bá lé ní mẹ́ta, Rùkáyà ni yóò fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi ti ibẹ̀ pa.

Bí Rùkáyà ṣe pa ìwé rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá alága ẹgbẹ́, Bàbá Cornelius, arúgbó tó máa ń wọ fìlà olówùú nínú oòrùn. Ó jókòó sábẹ́ pátákó gbàgàdà kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí: ẹni tó bá fi kòtò sílẹ̀ láìbò, ẹgbẹ́ yóò gba kòtò náà fún ọdún kan, wọn yóò sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bàbá ní oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i. Nígbà tí kò mú àwọn ènìyàn, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ìyẹn náà kò mú wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Rùkáyà bi í léèrè pé kòtò mélòó ni wọ́n ti gbà láti ìgbà náà.

Bàbá yọ fìlà, ó họ orí. “Ká má purọ́, a ò tíì gba ẹyọ kan.”

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ tẹ ènìyàn, Elisha ni. Ìyàwó Elisha sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì nígbà náà. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n wo ọdún kan, wọ́n wo ìbejì, ojú ń ti olúkúlùkù láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n dárí jì í. Láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá rí kòtò tó ṣí sílẹ̀, ńṣe ló máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ta ni yóò fẹ́ jẹ́ ẹni tó gba oúnjẹ ọdún kan lẹ́nu ọmọ aládùúgbò rẹ̀?

Elisha fúnra rẹ̀ wà nítòsí, ó ń fọ ṣọ́bìrì rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní kí Màdáámú má bínú, kí òun ṣe ìṣirò náà fún wọn. Bíbo kòtò ń gba ìdajì wákàtí, nígbà tí ẹ̀yìn ti ń dun ènìyàn, ojoojúmọ́ sì ni. Ọdún kan tí wọ́n kọ sára pátákó náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti dé bá ẹnikẹ́ni? Òdo. Ọdún kan lọ́nà òdo, òdo ni. Bí wọ́n bá kọ ogún ọdún sí i lọ́la, ogún lọ́nà òdo, òdo náà ni.

“Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun,” ni Elisha wí. “Wọ́n rò pé àwọn ń dẹ́rù ba olè ni. Màdáámú, ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ọjọ́ gbogbo!”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Rùkáyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí ohun tó ti ń kà nínú ìwé láti ọdún mẹ́ta wá ni Elisha fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yìí.

Kò sí ẹni tó rán Rùkáyà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn rí i lẹ́nu iṣẹ́ pé òfin ń pọ̀ sí i, ẹni tó ń tẹ̀ lé e kò pọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí rẹ̀ kà. Ó rí i pé àwọn tó ń kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣàdédé rú òfin: wọ́n máa ń fi èrè rẹ̀ wé ìyà rẹ̀ lọ́kàn, bí ẹni tó ń wọn ẹ̀wà lọ́jà. Ìyà tí wọ́n ń wọ̀n náà sì ní ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni bó ṣe dájú tó pé yóò dé. Ìkejì ni bó ṣe wúwo tó. Ìkẹta ni bó ṣe yá tó láti dé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn aṣòfin a máa fẹ́ràn ìwúwo, nítorí kò ná wọn ní nǹkan kan ju ọ̀dà pupa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùwádìí ń rí lemọ́lemọ́ ni pé ìdánilójú ló ń mú ènìyàn jù. Ìwúwo tó bá sì ti kọjá ààlà, ńṣe ló máa ń pa ìdánilójú, nítorí ẹni tó yẹ kó jẹ ni níyà kò ní lè gbé e.

Kàkà kó gba ìwé gbọ́ bẹ́ẹ̀, Rùkáyà fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó tọrọ yàrá lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, kó má baà máa ti ilé rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo, gun ọ̀kadà lójoojúmọ́. Ó pín oko náà sí mẹ́ta, ogún kòtò fún apá kọ̀ọ̀kan, ó sì pe gbogbo wọn jọ kí olúkúlùkù lè mọ òfin apá tirẹ̀, nítorí ìyà tí ènìyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀ kò lè dá a dúró.

Apá òkè yóò máa lo òfin pátákó: ọdún kan, ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lé e ní ìparí oṣù. Fún apá méjì yòókù, ó ní òun fẹ́ ìyà kékeré kan. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi. Elisha ní kò burú, ọmọ ìyá òun ń ta púlọ́ọ̀gì ní Iléṣà, ọjà rẹ̀ yóò yá. Ibi ìfọyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí. Ibì kan ṣoṣo ni odò náà ti ṣeé fọ iyẹ̀pẹ̀. Olúkúlùkù ní páànù kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, wọ́n á fi kọ́ ara ìṣó lórí pákó gígùn kan, bí páànù bá ṣe tò lára rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jẹ̀bi, páànù rẹ̀ yóò lọ sẹ́yìn pátápátá fún òwúrọ̀ kan. Kò ní pàdánù góòlù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán yóò pọ́n kó tó kàn án.

Apá àárín ni ó fún ní ìyára láìsí ìdánilójú: kòtò kan ṣoṣo ni wọn yóò máa yẹ̀ wò nínú ogún lálaalẹ́, nípa mímú ìbò, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí, ẹni tó ni ín yóò lọ sẹ́yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Apá ìsàlẹ̀ ni ó fún ní ìdánilójú láìsí ìyára: wọn yóò yẹ gbogbo kòtò wò lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò kọjá kí páànù ẹni tó jẹ̀bi tó lọ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó tún kà á. Lápá òkè, mẹ́tàdínlógún ló ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́rìndínlógún. Elisha, tó wà níbẹ̀, ní ẹni tó bo tirẹ̀ ń ṣàìsàn ni. Lápá àárín, mẹ́rìndínlógún di méjìlá. Lápá ìsàlẹ̀, méjìdínlógún di méje. Rùkáyà mọ̀ pé ogún kòtò kò tó ohun tí ènìyàn ń fi búra. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó tú rédíò tó sì rí okùn tó já. Ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀ ti wá ṣe kedere sí i: kí ó dájú ná, kó tó wá yá, kó sì kéré tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìkáàánú.

Wọ́n pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gbogbo kòtò ni wọn yóò máa yẹ̀ wò lálaalẹ́, ìyà páànù yóò sì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹgbẹ́ yan Béjidé àti Ọlọ́runyọmí láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, kòtò tó ṣí sílẹ̀ nínú ọgọ́ta di mẹ́rin. Rùkáyà padà sí Òṣogbo, ó sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù náà.

Ìgbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́rìndínlógún ló bá.

Ó jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Nígbà tó wádìí rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Béjidé rí kòtò àna rẹ̀ pé ó ṣí, ó sì dákẹ́. Ní òwúrọ̀, àna rẹ̀ fọ iyẹ̀pẹ̀ tirẹ̀ ní ipò rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà kòtò méje ló ṣí sílẹ̀. Olúkúlùkù ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Béjidé kò sì jiyàn. Ó ní èwo ni kóun sọ fún ìyàwó òun nílé?

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n yọ Béjidé, kí wọ́n sì sọ ìyà di oṣù kan. Rùkáyà ò tíì dá wọn lóhùn tí Bàbá Cornelius fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín sínú.

“Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyí, ẹ ti gbàgbé ilé yín,” ni Bàbá wí. “Kí ni wọ́n ń pe bàbá mi àgbà nígbà tó ń ta aṣọ àwìn kiri?”

“Òṣómàáló,” ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá wá yíjú sí Rùkáyà, nítorí ọmọ Òṣogbo ni, ó sọ ọ́ fún un. Ó ní bàbá òun àgbà kì í lu oníbàárà, kì í pe ọlọ́pàá, kì í sì í gba ilé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó bá dá ni yóò dé. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, yóò ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ìyẹn náà ni gbogbo ìyà rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ń san án, nítorí kò sí ẹni tó rò pé bóyá kò ní wá.

“Ìdí wo ni kì í fi í gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti Béjidé?” ni Bàbá bi wọ́n. “Owó tirẹ̀ ni! Béjidé, tí kòtò àna rẹ bá ṣí, kí ni ìwọ pàdánù?”

Béjidé ronú díẹ̀. “N ò pàdánù nǹkan kan, Bàbá.”

Rùkáyà dìde lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ó ti ń wo pákó tí páànù tò sí lára láti ọjọ́ yìí wá, kò sì rí i. Bí páànù kan bá lọ sẹ́yìn, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sún síwájú. Ẹnì kan wà nìyẹn tí ìdáríjì ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó kàn lẹ́yìn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tún yan alámòójútó mọ́. Kí olúkúlùkù máa yẹ kòtò ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣáájú tirẹ̀ wò, kó tó lọ sílé. Bí ó bá ṣí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé páànù náà lọ sẹ́yìn ní òwúrọ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Ọgọ́ta alámòójútó nìyẹn, kò sì sí èyí tó ń gba owó oṣù.

Elisha ṣe ìṣirò náà lójú ẹsẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo Mùíbì, tó tẹ̀ lé e lára pákó, ọkùnrin tí kò fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni ní òwúrọ̀. “Ó parí fún mi,” ni Elisha wí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta ó lọ déédéé. Ní ọjọ́ kẹrin ni ó tó kan ibi tó le. Ìpàdé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Bàbá Cornelius sáré lọ síbẹ̀, kò rántí kòtò rẹ̀. Ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni Làbákẹ́, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó jẹ́ pé Bàbá ló bá a bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ní òwúrọ̀, ó dúró níwájú pákó, ó mú etí páànù Bàbá dání, kò lè yọ ọ́. Rùkáyà wà níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Làbákẹ́. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ náà bá sọ̀ kalẹ̀ láìyọ páànù, ogún kòtò ni yóò ṣí sílẹ̀ lálẹ́, ọjọ́ tó kù kò sì ní tó láti tún un ṣe. Síbẹ̀ ó fi í sílẹ̀ fún Làbákẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló pàṣẹ, ọjọ́ tí òun kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Làbákẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ̀yìn ló kàn yín.”

Ó yọ páànù náà, ó rìn dé ìdí pákó, ó kọ́ ọ síbẹ̀. Bàbá Cornelius tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí òkúta lẹ́yìn gbogbo wọn, ó sì tọ́ka sí Elisha pé kó má fi eyín han òun. Aago kan àbọ̀ ọ̀sán kọjá kó tó kàn án. Ó fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó lọ sílé. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó bínú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àyàfi kòtò kan, gbogbo ọgọ́ta ló ní pákó lórí. Ẹyọ kan náà kì í ṣe ti Elisha: Mùíbì ti lọ dúró lẹ́bàá tirẹ̀, ó bá pákó lórí rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sọ fún Rùkáyà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ni ìpè ọ̀gá bá a, ó gun ọ̀kadà, ó sì dé ibẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ti ka ìdajì, ṣòkòtò rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀. Rùkáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Kò lè tẹ̀ lé e. Ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó tún ń kà á.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, ó na ìka méjì sókè. Kòtò méjì ni. Ó ní níbi ìkejì òun bá ọkùnrin kan tó ń kọ nọ́ńbà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òun bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní òun ń múra fún òwúrọ̀ ọ̀la.

Rùkáyà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá ní kó ṣàlàyé fún òun irú ìyà tó le tó báyìí. Rùkáyà ní kò le rárá, sà. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páànù. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó wá bi í bóyá ó ṣeé ṣe fún àwọn tó ń da ìdọ̀tí sójú gọ́tà ní Alekuwodo, ní Òṣogbo. Rùkáyà ní òun kò tíì mọ̀, ó ní wọn yóò kọ́kọ́ wá ẹni tí ìdọ̀tí náà ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda tuntun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọ̀gá, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kún ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́ náà, ọdún kan ju èyí tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ lọ.